Ohun tí akọ̀wé owó lè gbé síwájú ọ̀gá nílé ìtẹ̀wé Ṣómólú

Láàárín àwọn onítẹ̀wé tó kún Ṣómólú títí dé Bàrígà, owó kì í gba ojú kan wọlé mọ́. Oníbàárà kan á fowó ránṣẹ́ sí báńkì, òmíràn á fi káàdì sanwó lórí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì, ẹlòmíràn á ra kàlẹ́ńdà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, akọ̀wé owó á máa ṣí ojú òpó kan tẹ̀lé òmíràn, á máa da iye tó wọlé kọ. Bó bá fẹ́ kí ọ̀gá gbà kí kọ̀ǹpútà máa bá òun ṣe é, ìṣirò ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá mú ilé iṣẹ́ tó ní ojú òpó 5 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí iṣẹ́ náà ń gba wákàtí 3 lọ́sẹ̀, wákàtí 156 ló máa jẹ́ lọ́dún. Ìyẹn lé ní ọjọ́ iṣẹ́ 19.

Ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ta ló máa mú páásíwọ́ọ̀dù báńkì lọ́wọ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni yóò ṣì máa wọlé, torí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan. Yóò gba àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ ní fáìlì CSV, yóò sì kó o sínú fódà ojú òpó yẹn. Kálukú ojú òpó ló gbọ́dọ̀ ní fódà tirẹ̀, torí àkọlé inú wọn kò dọ́gba. Nínú Excel, yóò tẹ `Data`, `Get Data`, `From File` àti `From Folder`, yóò mú fódà náà, yóò sì tẹ `Combine & Load`. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyẹn. Lẹ́yìn náà, `Refresh All` ló kù tí yóò máa tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó yẹ kó sọ àṣìṣe méjì tó lè wáyé fún ọ̀gá. Àkọ́kọ́, owó tó gba orí pí-ó-ẹ̀sì ṣì máa wọ báńkì, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ro méjèèjì pọ̀, owó kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì ló léwu jù. Bí báńkì bá yí àkọlé `Amount` padà sí nǹkan mìíràn, Excel lè má pariwo rárá. Àyè owó ọ̀sẹ̀ yẹn á kàn ṣófo, àròpọ̀ á sì dínkù. Ohun tó máa tú u fó ni kí akọ̀wé fi àròpọ̀ Excel wé èyí tó wà lójú òpó náà fúnra rẹ̀ kó tó gbé e fún ọ̀gá.

Nítorí náà, ojú òpó kan ṣoṣo ni kó tọrọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó ṣe é lọ́wọ́, kó tún fi Excel ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí méjèèjì bá bára mu lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi ìkejì kún un. Bí kò bá bára mu, ọ̀gá ò tíì pàdánù nǹkan kan, torí ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ ṣì wà nílẹ̀.