Yíyọ ọ̀dà kúrò lára aṣọ àti awọ ara

Yíyọ ọ̀dà kúrò lára aṣọ àti awọ ara ni ọ̀nà tí a ń gbà mú ọ̀dà ìkunlé tó ta síni lára kúrò láì ba aṣọ jẹ́ tàbí ṣe awọ ní jàǹbá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá omi ni a ó lò tàbí olómi mìíràn tó lè yọ́ ọ̀dà, irú bíi kẹrosíìnì, tápẹ́ńtáìnì tàbí wáìtì sípíríìtì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ayọ́dà ni a ó máa pe irú olómi bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló ń pinnu ìdáhùn: irú ọ̀dà náà, àti bóyá ó ti gbẹ.

Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ

Ohun mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú ọ̀dà: lẹ́búlẹ́bú tó ń fún un ní àwọ̀, ohun ìlẹ̀mọ́ tó ń di lẹ́búlẹ́bú náà mú, àti olómi tó ń jẹ́ kí ó ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì kùn.

Nínú ọ̀dà ẹ̀mọ́ṣọ̀n, tí a sábà máa ń fi kun ògiri, omi ni olómi náà. Ohun ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ kò yọ́ sínú omi. Ńṣe ló fọ́n ká inú rẹ̀ ní ẹ̀kán kékeré tí ojú kò lè rí. Bí omi bá ti fẹ́ lọ, àwọn ẹ̀kán wọ̀nyí á súnmọ́ra, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀ di awọ fẹ́lẹ́ kan bíi rọ́bà. Láti ìgbà náà lọ, omi kò lè tú wọn ká mọ́. Ìdí nìyí tí omi fi ń ṣí ẹ̀mọ́ṣọ̀n tútù kíákíá, àmọ́ tí kò lè ṣe nǹkan kan fún èyí tó ti gbẹ.

Nínú ọ̀dà elépo, tí àwọn akunlé ń pè ní gúlọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń fi kun ilẹ̀kùn àti irin ojú fèrèsé, ayọ́dà ló dípò omi. Ìpele méjì ni gbígbẹ rẹ̀. Ayọ́dà náà á kọ́kọ́ fẹ́ lọ, lẹ́yìn náà ohun ìlẹ̀mọ́ elépo inú rẹ̀ á máa gba ọ́ksíjìn láti inú afẹ́fẹ́, àwọn mólékù rẹ̀ á sì so kọ́ra wọn bí okùn àwọ̀n. Ìsokọ́ra yìí máa ń tẹ̀ síwájú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá ti jinlẹ̀, kẹrosíìnì kò lè yọ́ ọ mọ́.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Àmì tó dájú jù ni ohun tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kun ọ̀dà náà: ohun kan náà ni a ó fi fọ àbàwọ́n rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. A sábà máa ń kọ ọ́ sí ara agolo. Bí kò bá sí agolo nítòsí, kí a kán díẹ̀ nínú ọ̀dà tútù náà sínú ife omi, kí a sì rò ó. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n á pò mọ́ omi bíi wàrà. Ọ̀dà elépo á dá dúró ní ọ̀tọ̀.

Fún àbàwọ́n tó ti gbẹ, kí a fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì ìnu-ojú-egbò rọra nù ún. Bí ó bá rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń mọ́ òwú, ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni. Bí kò bá mira, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dà elépo.

Lára aṣọ

Ká mú ṣẹ́ẹ̀tì òwú kan tí ọ̀dà méjèèjì ta sí: ẹ̀mọ́ṣọ̀n funfun láti ara ògiri ní apá rẹ̀, àti gúlọ́ọ̀sì láti ara ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni a ó kọ́kọ́ bójú tó, nítorí òun ló ń yá gbẹ. Kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kó èyí tó wà lókè kúrò, kí a yí aṣọ sí òdì, kí a sì jẹ́ kí omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ máa ti ọ̀dà náà jáde láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọṣẹ fọ ọ́. Omi gbígbóná kò dára níhìn-ín, nítorí ooru ń mú kí àwọn ẹ̀kán ìlẹ̀mọ́ tètè lẹ̀ pọ̀.

Kí ó tó kan gúlọ́ọ̀sì, ó yẹ kí ibi tí ó wà gbẹ, torí pé òwú tó ti mu omi kì í jẹ́ kí kẹrosíìnì wọlé. Bí omi bá ta sí i, kí a fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Kí a dán ayọ́dà wò ní inú ìṣẹ́tí aṣọ ná, kí a mọ̀ bóyá yóò ṣí aró rẹ̀. Kí a wá tẹ́ àkísà funfun sí abẹ́ àbàwọ́n, kí a fi àkísà mìíràn tí a rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín.

Títẹ̀ ni, kì í ṣe gbígbo. Ohun ìlẹ̀mọ́ nìkan ni kẹrosíìnì ń yọ́. Kò lè yọ́ táítáníọ́mù dàíọ́ksáìdì, tí í ṣe lẹ́búlẹ́bú funfun inú ọ̀dà. Bí a bá ń gbo ó, àárín okùn aṣọ ni yóò wọ̀ sí. Nítorí náà, kí a máa pààrọ̀ àkísà títí àwọ̀ kò fi ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, kí a da ọṣẹ olómi sí ojú ibẹ̀ láìtíì fi omi kàn án, kí a bọ̀ ọ́, kí a sì fọ̀ ọ́.

Kẹrosíìnì ń gbiná, nítorí náà aṣọ tó ṣì ń rùn ún kò gbọdọ̀ dé inú ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí abẹ́ áyọ̀n. Kí a tún un fọ̀, kí a sì sá a síta. Kò yẹ kí a lo pẹtiróòlù rárá, nítorí ooru rẹ̀ lè gbiná láti ibi iná tó jìnnà sí i. Ásítóònù, tó wà nínú ọ̀pọ̀ tínà, ń yọ́ aṣọ ásítéètì fúnra rẹ̀.

Lára awọ ara

Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fún ẹ̀mọ́ṣọ̀n. Èyí tó bá ti gbẹ á bó bí a bá rẹ ọwọ́ sómi fún ìṣẹ́jú bíi 10, nítorí awọ tó rọ̀ kì í dì í mú.

Fún ọ̀dà elépo tútù, òróró ìdáná tàbí faselíìnì ló yẹ kí a kọ́kọ́ lò. Epo ń fa epo mọ́ra: kí a fi ra ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí a nù ún, kí a sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ akunlé ń fi kẹrosíìnì tàbí tínà fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n méjèèjì ń gba ọ̀rá tí awọ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ọwọ́ á funfun, á máa yún, á sì sán. A kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n kan ojú, ojú egbò tàbí ara ọmọdé. Bí ọ̀dà tàbí ayọ́dà bá ta sínú ẹyinjú, omi mímọ́ nìkan ni kí a fi ṣàn án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibi tí agbára ọ̀nà wọ̀nyí mọ

Sípíríìtì lè rọ ẹ̀mọ́ṣọ̀n gbígbẹ lára aṣọ òwú tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi lè fi èékánná ha á, àmọ́ òjìji rẹ̀ lè ṣẹ́kù. Gúlọ́ọ̀sì tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan lára aṣọ kì í sábà jáde tán. Ayọ́dà tó lágbára tó láti tú u lè ba aró tàbí okùn aṣọ náà jẹ́. Ní ti awọ ara, kò sí ìdí láti fi agbára ṣe é: awọ òkè máa ń bó fúnra rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.