Séfà Ò Yí Padà, Kí Ló Dé Tí Owó Iṣẹ́ Fi Lé Sí I?

Ẹ jẹ́ ká fi iná oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ní Kétu fẹ́ fa iná oòrùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníṣẹ́ kọ ìwé ìdíyelé fún un. Pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì jẹ́ dọ́là 2 000. Lọ́jọ́ yẹn, séfà 560 ni dọ́là kan, nítorí náà owó ọjà jẹ́ séfà 1 120 000. Owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀ jẹ́ 280 000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1 400 000.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ìyá tó padà wá. Dọ́là ti di séfà 600, oníṣẹ́ sì ti kọ ìwé mìíràn. Ìyá ní: "Ọ̀gá, séfà wa ò kúkú já. Ṣé ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?"

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìyá. Séfà so mọ́ yúrò bí ewúrẹ́ ṣe ń so mọ́ èèkàn: láti 1999, yúrò kan kò kúrò ní séfà 655 lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n yúrò fúnra rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò sí dọ́là. Bí yúrò bá wálẹ̀, ó máa fa séfà wa wálẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé yúrò ni wọ́n fi ra ọjà náà, ìyá ló jàre, iye owó kò gbọ́dọ̀ torí pàṣípààrọ̀ yí padà. Dọ́là ni wọ́n fi rà á, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá wo ìṣirò tó tọ́. Dọ́là 2 000 ní séfà 600 jẹ́ 1 200 000. Owó iṣẹ́ àti ọkọ̀ ṣì jẹ́ 280 000, torí séfà la fi ń san ìyẹn níbí. Àpapọ̀ jẹ́ 1 480 000. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 80 000.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé oníṣẹ́ á gbé àfikún dọ́là lé gbogbo owó lórí, títí kan owó iṣẹ́. Ìyẹn á di 1 500 000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó lé yẹn kò tọ́ sí i. Ẹ máa ní kí wọ́n kọ owó ọjà sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ sọ́tọ̀, ẹ ó rí i kíá.

Tí ìyá bá ti san 560 000 sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, tí oníṣẹ́ sì ti fi ra dọ́là 1 000? Apá yẹn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Dọ́là 1 000 tó kù nìkan ni wọ́n máa ṣírò ní 600. Àpapọ̀ á jẹ́ 1 440 000.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀: owó wo la fi ra ọjà, èló ni dọ́là lọ́jọ́ tí a kọ ọ́, ọjọ́ mélòó ni iye yìí máa dúró. Tí dọ́là bá sì wálẹ̀ kí ẹ tó ra ọjà, ẹ dín owó oníbàárà kù bákan náà.