Oko àti Ṣọ́ọ̀bù: Ibi tí Òfin Fi Ààlà Sí fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Náíjà sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, Minna di olú-ìlú rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba sì di orísun oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìlú náà, títí kan àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Limawa. Ṣùgbọ́n owó oṣù kì í sábà tó ná. Nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń dáko, tí ẹlòmíràn sì ń ta ọjà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ojú kan náà kọ́ ni òfin fi ń wo oko àti ṣọ́ọ̀bù.

Òfin tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Àfikún Karùn-ún Ìwé Òfin Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí a gbà síṣẹ́ ní kíkún kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú àkóso òwò àdáni, iṣẹ́ àmọ̀jà tàbí kárà-kátà kankan. Lẹ́yìn èyí ni òfin náà fi kún un pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọlọ́pàá, ọmọ ogun, àti gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba dá sílẹ̀ tí ó sì ń náwó lé lórí, irú bí Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Minna. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́ ni kí ó yẹ̀ wò, nítorí inú rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ lè kọ ohun tó fàyè gbà àti ohun tó kọ̀ sí.

Àṣìlóye kan wọ́pọ̀ nípa àkókò. Àwọn kan gbà pé bí òṣìṣẹ́ kò bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Àkóso òwò ni ó kà léèwọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, kì í ṣe wákàtí tí a fi ń ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń darí ní alẹ́ tàbí ní ọjọ́ Sátidé kò bọ́ lọ́wọ́ èèwọ̀ náà.

Ní ti oko, àkókò ni ọ̀ràn tó kù. Àyè tí òfin fún iṣẹ́ àgbẹ̀ kò sọ wákàtí ọ́fíìsì di ti oko. Ní agbègbè Minna, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ sì pè fún gbígbìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń fọwọ́ sí ìwé lówùúrọ̀ tí ó sì ń yọ́ lọ sóko. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ó ti bèèrè, kí ọdún tó jìnnà, pé kí ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ bọ́ sí ìgbà gbígbìn tàbí ìgbà ìkórè, kí ó sì fi iṣẹ́ àárín méjèèjì sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí sí ọwọ́ alágbàṣe.

Yàtọ̀ sí èyí, ìpínrọ̀ kìíní òfin náà sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ibi tí ire ara rẹ̀ yóò ti forí gbárí pẹ̀lú ojúṣe rẹ̀. Kò yọ oko sílẹ̀ nínú èyí. Bí a bá fi òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò hàn kedere.

Kí a sọ pé ọkùnrin kan ní Limawa ni ó ń ra ohun èlò fún ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní oko àgbàdo lẹ́yìn ìlú. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta bébà àti táádà. Oko náà kò lòdì sí òfin, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà, bí ó bá jẹ́ ti ìyàwó ní tòótọ́. Ọ́fíìsì wá fẹ́ ra bébà. Òǹtajà mẹ́ta kọ ìwé ìdíyelé wá: ọ̀kan ní páálí kan jẹ́ ₦32,000, èkejì ní ₦31,500, ìyàwó rẹ̀ ní ₦30,000. Ọkùnrin náà mú ti ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ pé òun ti dín ìnáwó ìjọba kù.

Owó tí ó dín kò tán ọ̀ràn náà. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ìwé àwọn yòókù kọ́kọ́ dé, nítorí náà ó ṣeé ṣe fún un láti sọ iye wọn nílé kí ìyàwó rẹ̀ tó kọ tirẹ̀. Òun náà ni yóò ka páálí nígbà tí ọjà bá dé, òun ni yóò sì sọ bóyá bébà náà dára. Bí páálí bá dín, ta ni yóò fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí ó bá jẹ́ àgbàdo oko rẹ̀ ni ó tà fún ilé ìdáná tí òun fúnra rẹ̀ ń ra oúnjẹ fún.

Ohun tí ó yẹ kó ṣe kò le. Kí ìwé ìdíyelé kankan tó wọlé, kí ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ pé aya òun ń ta irú ọjà yìí, kí a sì fi ẹlòmíràn sí ìdí yíyan òǹtajà àti gbígba ọjà náà. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà. Bí kò bá sí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù náà má ta ọjà fún ọ́fíìsì yẹn.

Ìpínrọ̀ kẹtàlá sì tún dí ojú ọ̀nà kan. Ó ní ẹni tó bá ti ọwọ́ agbódegbà tàbí aṣojú ṣe ohun tí òfin kà léèwọ̀ ti rú òfin bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò tó. Ìbéèrè tó ń fi òtítọ́ hàn ni pé: owó ta ni a fi bẹ̀rẹ̀? Ta ni ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì? Ta ni ń bá àwọn òǹtajà dúnàá-dúrà? Ta ni èrè ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀? Bí ìdáhùn bá ń tọ́ka sí òṣìṣẹ́ náà, tirẹ̀ ni òwò náà.

Ọ̀dọ̀ àjọ tí ń mójú tó ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ni a ń mú ẹ̀sùn irú èyí lọ. Ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan ni ó sì ń gbọ́ ọ. Ìpínrọ̀ kejìdínlógún fún ilé-ẹjọ́ náà láṣẹ láti yọ ẹni tó jẹ̀bi nípò, láti dí i lọ́nà ipò ìjọba fún àkókò tí kò ju ọdún 10 lọ, àti láti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá tí ó fi ipò rẹ̀ kó jọ lọ́nà àìtọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá rí iṣẹ́ ìjọba gbà nígbà tí òwò rẹ̀ ti ń lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó lè ta òwò náà. Ó lè fi í sílẹ̀ pátápátá fún ẹni tí yóò máa darí rẹ̀ tí yóò sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ó sì lè yan òwò, kí ó kọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ iṣẹ́ àfikún lẹ́yìn owó oṣù, ilẹ̀ oko ṣì wà.