Ìpínrọ̀ Àkọ́kọ́ Nínú Sífíì: Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Sọ̀rọ̀

Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí kan kọ ọ́ sókè sífíì rẹ̀ pé: “Akíkanjú ni mí, mo sì mọ iṣẹ́ mi dunjú.” Ta ni kò lè kọ bẹ́ẹ̀? Ẹ bi í pé: ibo lo ti ṣiṣẹ́, kí lo ṣe, kí ló tìdí rẹ̀ yọ? Ọ̀rọ̀ yóò wá di: “Mo ti tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí oògùn fún ọdún 4. Mo ń ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń kó èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé síwájú. Páálí tó ń bà jẹ́ lọ́dún dín kù láti 20 sí 3.” Iye tí kò bá lè ṣàlàyé níwájú agbanisíṣẹ́, kó yọ ọ́ kúrò.