Ẹ̀yìn Sídì Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ojú dídán sídì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣọ́, a ó wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ olórin sí gbo orí tábìlì. Àṣìṣe gbáà ni. Abẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn yẹn gan-an ni orin wà. Bí nǹkan bá họ ọ́, orin ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé e síwájú iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ó ti bàjẹ́. Ike ojú dídán nípọn díẹ̀, wọ́n ṣì lè dán ibi tó họ.

Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ òwú rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yípo, torí yípo ni orin tò sí. Ibi tó bá họ yípo ló máa ń jẹ́ kí orin fò. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.