Dráífà Wo Ló Ń Pa Kọ̀ǹpútà Yín?

Bí ojú kọ̀ǹpútà Windows bá ṣàdédé di búlúù, tó kú, tó tún fúnra rẹ̀ tàn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn nu gbogbo inú rẹ̀, kí àwọn fi Windows mìíràn sí i. Bó bá jẹ́ pé dráífà ló fà á, tí wọ́n sì tún gbé dráífà kan náà padà síbẹ̀, àìsàn ọ̀hún á tún dé. Dráífà ni ètò kékeré tí Windows fi ń bá Wi-Fi, káàdì àwòrán tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní gbùngbùn Windows, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ọ̀kan ṣoṣo fi lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ṣùgbọ́n kí Windows tó dúró, ó máa ń kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ètò kan wà tí a lè fi kọ́ bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ yìí, nítorí pé a ti mọ ọ̀daràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. NotMyFault lorúkọ rẹ̀. Mark Russinovich ló kọ ọ́, Microsoft sì ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ọ́mọ̀ pa kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe lò ó lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yín wà. Bí ẹ bá yan `High IRQL fault (Kernel-mode)` níbẹ̀, ojú ẹ̀rọ á yí padà, ẹ ó sì rí `DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL`. Lórí àwọn Windows 11 tuntun, dúdú ni ojú náà, kì í ṣe búlúù mọ́. Ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn ni pé dráífà kan nawọ́ sí ibi kan nínú mẹ́mórì ní àkókò tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 0xD1.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn padà, ẹ ṣí Event Viewer, kí ẹ wọ `Windows Logs`, lẹ́yìn náà `System`. Nọ́ńbà 41 ló máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba èèyàn, àmọ́ gbogbo ohun tó ń sọ ni pé wọn kò pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Bí iná bá lọ lójijì lára kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, 41 náà ni yóò hàn. Ẹ wo `BugcheckCode` inú rẹ̀: bó bá jẹ́ 0, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, bó bá jẹ́ 209, 0xD1 náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á ló yàtọ̀. Nọ́ńbà 1001 tí orúkọ `BugCheck` wà lára rẹ̀ ló wúlò jù, nítorí pé òun ló ń sọ ibi tí fáìlì ẹ̀rí wà, èyí tó lè jẹ́ `C:\Windows\Minidump`.

Ẹ gba WinDbg lọ́fẹ̀ẹ́ láti Microsoft Store, ẹ ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ṣí fáìlì náà. Ẹ rí i pé dátà wà, torí yóò wá àwọn àlàyé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí:

```
!analyze -v
lmvm myfault
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ á fi `IMAGE_NAME: myfault.sys` hàn yín. Èkejì á sọ ibi tí fáìlì náà wà, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é bí àlàyé yẹn bá wà. Lórí ẹ̀rọ tiyín, orúkọ tí ẹ bá rí ni ẹ ó fi rọ́pò `myfault`.

Ẹ má ṣe tètè dájọ́ o. Bó bá jẹ́ `ntoskrnl.exe` lorúkọ tó jáde, gbùngbùn Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ṣe níbi ni, kì í ṣe ẹni tó ṣeni níbi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí orúkọ dráífà kan bá ń tún ara rẹ̀ sọ nínú wọn, ọwọ́ yín ti ń ba ọ̀daràn. Bí nọ́ńbà àti orúkọ bá ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí mẹ́mórì ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi `mdsched.exe` yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí orúkọ bá ti dá yín lójú, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá nǹkan tó ni dráífà náà, kí ẹ tẹ `Roll Back Driver` bí wàhálà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe tuntun. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ gba dráífà mìíràn lójú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ̀rọ kò bá dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é nínú `Safe Mode`, níbi tí dráífà díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún wo `System`: bí 1001 tuntun kò bá wọlé láàárín àkókò tó máa ń kú tẹ́lẹ̀, ẹ ti rí i mú. Bó bá wọlé, ẹ wo bóyá orúkọ àtijọ́ ló gbé wá tàbí òmíràn.