Ìwé wo ló dà bíi Rosewater?

Tade Thompson ló kọ Rosewater. Ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló dàgbà sí, iṣẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ló sì ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn náà dá lé. Ohun abẹ̀mí kan tó ti òde ayé wá ti fìdí kalẹ̀ sínú ilẹ̀ wa, ó fi òrùlé roboto ńlá kan bo ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì kọ́ ìlú yí i ká. Ìdí tí wọ́n fi kó wá ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òrùlé náà á ṣí, aláìsàn tó bá wà nítòsí á sì rí ìwòsàn.

Ẹni tó bá ka ìwé yìí tán kì í fẹ́ kí adùn rẹ̀ tán lẹ́nu òun. Kíá ni yóò máa wá ẹni tí yóò bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ló tún dà bíi rẹ̀?" Mo fẹ́ràn kí wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé Rosewater tí ẹnì kan kà kọ́ ni ẹlòmíràn kà.

Ẹ wo Kaaro tó ń sọ ìtàn náà. Olè ni tẹ́lẹ̀. Ó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn lọ wo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn nǹkan kéékèèké tó ti ara àjèjì náà jáde wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì so awọ ara ènìyàn kan mọ́ ti ìkejì. Irú ohun tó ń fa làpálàpá ni wọ́n fi jọ, ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn fi máa ń fi ìpara làpálàpá para. Ẹni tó bá jẹ́ pé ibí yìí ló dùn mọ́ ọn jù, ìyẹn ọkùnrin tí ẹ̀bùn rẹ̀ di ẹrù sí i lọ́rùn, Dying Inside ni kó lọ wá. Robert Silverberg ló kọ ọ́ ní 1972. Kò sí àjèjì kankan níbẹ̀, ọkùnrin kan ní New York ni, tó ti ń gbọ́ èrò ọkàn àwọn ènìyàn láti kékeré, tí agbára náà sì wá ń kú lọ nínú rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ìlú yẹn ló wù ú, àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹun lára ohun tí kò yé wọn, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Arkady àti Boris Strugatsky, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Rọ́ṣíà, kọ Roadside Picnic ní 1972 kan náà. Nínú rẹ̀, àwọn àjèjì yà sí ayé, wọ́n sì kọjá lọ láì tilẹ̀ wo ojú ènìyàn. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ ń pa ènìyàn, síbẹ̀ àwọn kan ń yọ́ wọ ibẹ̀ lóru láti kó o jáde lọ tà. Ẹni tó bá ti mọ ìlú tí Thompson kọ nípa rẹ̀ yóò rí i pé ìbátan ni ìlú méjèèjì.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. Mo ní kó má sọ fún mi pé ìwé náà dára, kó sọ ojú-ewé tó wà nígbà tó kọ̀ láti sùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí òrùlé ti ṣí ni. Àwọn kan gba ìwòsàn, àwọn kan gba ohun tí kò yẹ, ara wọn wá di nǹkan mìíràn. Àwọn òkú tún dìde, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́." Mo tún bi í pé kí ló sú u. Ó ní bí ìtàn náà ṣe ń fò láti ọdún kan sí òmíràn, síwá, sẹ́yìn. Mo bi í ní ìwé tó gbé sílẹ̀ láì parí. Ó dárúkọ Lagoon tí Nnedi Okorafor kọ ní 2014, níbi tí àwọn àjèjì ti sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun ní Èkó. Àwọn àjèjì náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí òòṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ọ̀nà márosẹ̀ sì di ohun tó ń jẹ ènìyàn, ó pa ìwé dé.

Ìwé tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ yìí máa ń là mí lójú ju mẹ́wàá tó yìn lọ, pàápàá bó bá lè sọ ibi tó ti gbé e sílẹ̀. Èmi fẹ́ràn Lagoon gan-an, bí n kò bá sì béèrè, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa, ìbéèrè rẹ̀ di báyìí:

"Mo fẹ́ràn Rosewater nítorí ìwòsàn tó ń yí ara ènìyàn padà. Mo ń wá ìtàn tí àjèjì ti ń fọwọ́ kan ara wa, tí kò sì dájú bóyá oore ni tàbí ibi. Kí ìtàn náà máa lọ tààrà. Kí òòṣà àti iwin má wọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò bà mí lẹ́rù."

Èyí ní ìdáhùn. Dawn ni, tí Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1987. Lilith Iyapo jí nínú yàrá kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́, àwọn àjèjì tí wọ́n ń pè ní Oankali ló sì kó àwọn tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ti mú jẹjẹrẹ kan kúrò lára Lilith nígbà tó ń sùn, láì bi í. Wọ́n wò ó sàn, òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ gbà padà ni kí àbùdá tiwọn àti ti ènìyàn dàpọ̀, kí ọmọ tí a ó máa bí má jẹ́ ènìyàn pátápátá mọ́. Ẹni tó bá ti bèèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò ní lè ka ibẹ̀ kó má dúró.

Ohun kan wà tí àbúrò mi kò sọ tí mo fi tún pe é. Nínú Dawn, wọ́n ń fipá mú ènìyàn lórí ọ̀ràn ara àti ọmọ bíbí, kì í sì í ṣe ní ìlà kan péré. Àwọn kan kò lè ka irú rẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí ẹni tó ń béèrè ìwé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń dáhùn kò lè fojú rí i. Ó ní òun yóò kà á.

Mo mọ àwọn tó ń gba ọ̀nà àbùjá, tí wọ́n á ní ìwé tó bá gba irú ẹ̀bùn tí Rosewater gbà yóò jọ ọ́. The Handmaid's Tale ti Margaret Atwood ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, ní 1987. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n kò sí àjèjì níbẹ̀, kò sí ìwòsàn, kò sí òrùlé tó ń ṣí. Ẹ̀bùn ń sọ pé àwọn adájọ́ fẹ́ràn ìwé kan. Kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀.

Ẹni tí Dawn bá dùn mọ́, méjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, Adulthood Rites ti 1988 àti Imago ti 1989. Kó má fo èkejì. Ibẹ̀ ni Butler ti gbé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Lilith, tó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Akin lorúkọ ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti Oankali ló sì pàdé lára rẹ̀.